Bí a ṣe ń ṣírò pH ásíìdì tí kò lágbára, àti bí a ṣe ń mọ ìgbà tí ọ̀nà àbùjá tọ̀nà

Ìṣirò pH ásíìdì alágbára kò le. Bí a bá da mólù 0.010 ásíìdì háídírókólóríìkì sínú omi tó fi pé lítà kan, gbogbo rẹ̀ ló máa pínyà. H⁺ tó máa wà nínú omi náà á jẹ́ mólù 0.010, pH á sì jẹ́ 2.00. Ọ̀rọ̀ ásíìdì tí kò lágbára yàtọ̀ sí èyí, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń pínyà, ìyókù á sì dúró bó ṣe wà. Iye tó pínyà gan-an la fẹ́ mọ̀, ìṣirò la sì fi ń wá a.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: ẹ sọ Ka di púpọ̀ ní ìlọ́po C, ẹ wá gbòǹgbò √ rẹ̀, ó parí. Àbùjá yìí dára, èmi náà máa ń lò ó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní àbùjá náà láìsọ ìgbà tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Mo fẹ́ fi ásíìdì kan ṣoṣo tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí a rí i níbi tó ti ṣiṣẹ́ àti níbi tó ti kùnà.

Ásíìdì láktíìkì ni mo yàn. Òun ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú kí ògì kan bí a bá rẹ àgbàdo sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ èyí tí a fẹ́ ṣírò kì í ṣe omi ògì fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló wà nínú ìyẹn. Ásíìdì láktíìkì tó mọ́, tí a wọ̀n lórí òṣùwọ̀n tí a sì pò mọ́ omi lásán, la fẹ́ lò.

Ẹ kó ohun tí ẹ nílò jọ

Ohun méjì péré ni. Àkọ́kọ́ ni C, ìyẹn iye mólù ásíìdì tí a fi sínú lítà kan. Mólù kan ásíìdì láktíìkì wúwo tó gíráàmù 90. Nítorí náà, bí a bá wọn gíráàmù 9.0 tí a sì pò ó mọ́ omi títí ó fi pé lítà kan, C jẹ́ 9.0 ÷ 90, ìyẹn 0.10.

Ìkejì ni Ka, nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì náà ṣe ń fẹ́ láti pínyà tó. Bí Ka bá ṣe kéré tó ni ásíìdì náà ṣe lẹ tó. Ti ásíìdì láktíìkì jẹ́ 1.4 × 10⁻⁴ nígbà tí omi náà bá wà ní 25 °C. Àwọn ìbéèrè mìíràn kì í fúnni ní Ka, pKa ni wọ́n máa ń fúnni. Bí ẹ bá rí pKa = 3.86, ẹ tẹ 10 sí agbára −3.86 lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ ó rí 1.38 × 10⁻⁴. Nọ́ńbà kan náà ni, ìwé kan fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmíràn sún un dé 1.4.

Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi náà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a pe ásíìdì náà ní HA. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá pínyà, yóò fi H⁺ kan àti A⁻ kan sílẹ̀. Ẹ pe iye tó pínyà ní x.

```
               HA      H⁺     A⁻
Ìbẹ̀rẹ̀          C       0      0
Àyípadà        −x      +x     +x
Ìparí          C − x   x      x

Ka = x² / (C − x)
```

Ẹ má fo tábìlì yìí, bí ìbéèrè náà tilẹ̀ rọrùn. Inú rẹ̀ ni ohun méjì tí àbùjá gbójú fò fara pa mọ́ sí, kò sì sí ẹni tó máa rí wọn tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ni C − x tó wà lábẹ́ HA. Èkejì ni òdo tí a kọ sábẹ́ H⁺ ní ìbẹ̀rẹ̀. Omi lásán pàápàá ní H⁺ díẹ̀ nínú kí a tó da ásíìdì sí i, àmọ́ a ṣe bí ẹni pé kò sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ gba àbùjá

Bí x bá kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, C − x kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí C. Ẹni tó bu ife omi kan nínú àgbá ńlá kò ní rí i pé omi àgbá náà dín kù. Tó bá jẹ́ inú korobá kékeré ló ti bù ú, á hàn kedere. Bí a bá gbà pé inú àgbá la wà, a lè kọ C dípò C − x:

```
Ka ≈ x² / C
x  ≈ √(Ka × C)
```

Ó yá, ẹ fi nọ́ńbà sí i. Ka × C jẹ́ 1.4 × 10⁻⁴ × 0.10, ìyẹn 1.4 × 10⁻⁵. Gbòǹgbò √ rẹ̀ jẹ́ 3.74 × 10⁻³. x yìí ni H⁺, pH sì jẹ́ −log(3.74 × 10⁻³), ìyẹn 2.43.

Ẹ kíyè sí bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ níbí yìí. Orí ẹ̀rọ ìṣirò, `log` wà, `ln` náà wà nítòsí rẹ̀. Tí ẹ bá ṣèèṣì tẹ `ln`, 5.59 lẹ máa rí. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mú àṣìṣe yìí rọrùn: H⁺ tó ń parí pẹ̀lú × 10⁻³ gbọ́dọ̀ fún yín ní pH tó wà láàárín 2 sí 3. Bí nọ́ńbà náà bá ti kọjá ibẹ̀, bọ́tìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ yẹ àbùjá náà wò kí ẹ tó gbà á

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. A ti sọ pé x kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ C, ó wá yẹ kí a wò ó bóyá òótọ́ ni. Ẹ pín x tí ẹ rí sí C, ẹ sọ ọ́ di ìpín nínú ọgọ́rùn-ún: 0.00374 ÷ 0.10 jẹ́ 3.7%. Òfin tí wọ́n ń lò káàkiri ni pé bí èyí kò bá kọjá 5%, àbùjá náà tọ̀nà. Ti wa kò kọjá rẹ̀, nítorí náà pH 2.43 dúró.

Ẹ lè mọ̀ ṣáájú kí ẹ tó ṣírò rárá. Ẹ pín C sí Ka. Bí èsì rẹ̀ bá tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, x kò ní kọjá 5%. Ibi tí 400 ti wá kò ṣòro: x/C nínú àbùjá jẹ́ √(Ka/C), kí ìyẹn sì tó lè jẹ́ 0.05, Ka/C gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.0025, èyí tó túmọ̀ sí pé C/Ka jẹ́ 400. Ti wa jẹ́ 0.10 ÷ 1.4 × 10⁻⁴, ìyẹn bí 714. Ó kọjá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 5%, tí kì í ṣe 1% tàbí 20%? Nígbà tí x bá jẹ́ 5% C, H⁺ tí àbùjá fún wa fi bí 2.5% pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá fi ìyẹn wá pH, àṣìṣe ibẹ̀ jẹ́ 0.01 péré. A sì mọ̀ pé Ka tí a rí nínú ìwé kì í sábà ju nọ́ńbà méjì lọ. Bí 1.4 tí a lò bá jẹ́ 1.35 ní ti gidi, pH á yí padà ní bí 0.008. Àṣìṣe àbùjá àti àṣìṣe tó ti wà nínú Ka fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà náà, kò sì sí èrè nínú kí èèyàn máa wá nọ́ńbà tó péye ju ohun tí Ka fúnra rẹ̀ lè gbé lọ. Àwọn olùkọ́ kan ń lo 100 dípò 400. Àṣìṣe pH níbẹ̀ jẹ́ bí 0.02. Bí ìdáhùn tí a ń wá bá jẹ́ nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn ààmì, 100 náà tó. Èmi fara mọ́ 400, torí pé nọ́ńbà méjì ni mo sábà máa ń kọ.

Nígbà tí omi bá pọ̀ sí i

Ẹ mú ásíìdì kan náà, àmọ́ kí ẹ wọn gíráàmù 0.90 péré fún lítà kan. C di 0.010. Èèyàn lè rò pé bí ásíìdì bá ti dín kù, x náà á dín kù, àbùjá á sì túbọ̀ tọ̀nà. Lóòótọ́ x dín kù, àmọ́ kò dín kù tó bí C ṣe dín kù. Wilhelm Ostwald ló ṣàlàyé èyí ní 1888: bí a bá ṣe ń fi omi kún ásíìdì tí kò lágbára, ìpín tó ń pínyà nínú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni.

Àbùjá sọ pé x jẹ́ √(1.4 × 10⁻⁶), ìyẹn 1.18 × 10⁻³, pH sì jẹ́ 2.93. Ẹ yẹ ẹ́ wò: 0.00118 ÷ 0.010 jẹ́ 11.8%. C/Ka jẹ́ bí 71. Ó ti kùnà lójú òfin méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ rí àṣìṣe náà gan-an, ẹ dá x padà sínú ìdọ́gba tí kò gé ohunkóhun kúrò. Bí ẹ bá pín x² sí (C − x), 1.59 × 10⁻⁴ lẹ máa rí, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 1.4 × 10⁻⁴. Dídá x padà báyìí ni àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù, nítorí kò nílò òfin kankan tí a há sórí.

Nígbà náà, ẹ padà sórí x² / (C − x) = Ka, ẹ tú u sílẹ̀ di x² + Ka·x − Ka·C = 0, kí ẹ sì fi ìlànà ìdọ́gba kúádírátíìkì yanjú rẹ̀:

```
x = (−Ka + √(Ka² + 4·Ka·C)) / 2
```

Ìdáhùn méjì ni irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ máa ń ní, àmọ́ èyí tó ní ààmì ìyọkúrò níwájú √ á jáde ní òdì, kò sì sí H⁺ tó lè jẹ́ òdì. Ẹ jù ú nù. Nínú √ náà, Ka² jẹ́ 1.96 × 10⁻⁸, 4·Ka·C sì jẹ́ 5.6 × 10⁻⁶. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ ó ní 5.6196 × 10⁻⁶, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 2.3706 × 10⁻³. Ẹ yọ 0.00014 kúrò, ẹ pín in sí méjì: x = 1.115 × 10⁻³. pH jẹ́ 2.95, kì í ṣe 2.93. Ẹ rí i pé àbùjá fi omi náà hàn bí ẹni pé ó kan ju bó ṣe kan lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo tó bá jẹ́ x la gbójú fò lábẹ́ C: H⁺ á pọ̀ jù, pH á sì kéré jù.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kúádírátíìkì lè tún àbùjá náà gbà léraléra, kó máa fi x tó rí kẹ́yìn dín C kù. Ìgbà àkọ́kọ́, x = 0.00118. Yọ ọ́ kúrò nínú 0.010, ó ku 0.00882. √(1.4 × 10⁻⁴ × 0.00882) jẹ́ 0.00111. Yọ ìyẹn náà kúrò nínú 0.010, tún gbòǹgbò wá, ó di 0.001116. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, 0.001115. Kò yí mọ́, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má yọ x kúrò nínú ìyókù tó ṣẹ́ kù tẹ́lẹ̀. Inú C ti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó máa yọ ọ́ kúrò nígbà gbogbo.

Nígbà tí àbùjá bá bàjẹ́ pátápátá

Ẹ tún fi omi kún un títí C fi di 1.0 × 10⁻⁴. Àbùjá sọ pé x jẹ́ √(1.4 × 10⁻⁸), ìyẹn 1.18 × 10⁻⁴. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ó ju C lọ! Ásíìdì tí a fi sí i kò tó iye tí wọ́n ní ó pínyà. Bí ẹ bá gbìyànjú láti tún un gbà léraléra, C − x á di òdì, ẹ̀rọ ìṣirò á sì kọ̀ láti wá √ rẹ̀. Kúádírátíìkì nìkan ló lè gbà wá níbí: x = 6.75 × 10⁻⁵, pH = 4.17. Àbùjá ní 3.93. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ásíìdì náà ló ti pínyà nínú omi yìí, bẹ́ẹ̀ 3.7% péré ni nígbà tí C jẹ́ 0.10. Ásíìdì kan náà ni, Ka kan náà ni. Ìdí nìyí tí a kò fi lè wo orúkọ ásíìdì lásán kí a sì sọ pé àbùjá bá a mu. C àti Ka jọ ń sọ ọ́ ni.

Bí ẹ bá ń lo tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ C sínú A2 àti Ka sínú B2, kí ẹ sì fi èyí sínú C2. Ó máa fún yín ní pH láìsí àbùjá rárá:

```
=-LOG10((-B2+SQRT(B2^2+4*B2*A2))/2)
```

Òdo tí a kọ sábẹ́ H⁺

Ó ku ohun kejì tí a gbójú fò. Omi lásán ní H⁺ 1.0 × 10⁻⁷ nínú lítà kan ní 25 °C. Nínú gbogbo ìṣirò tí a ti ṣe, H⁺ ásíìdì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, nítorí náà òdo náà kò pa wá lára. Àmọ́ ásíìdì tó lẹ gan-an, tí omi rẹ̀ sì pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ mú hàídírójìn sáyánáìdì, oró tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tútù. Ka rẹ̀ jẹ́ 6.2 × 10⁻¹⁰. Ẹ jẹ́ kí C jẹ́ 1.0 × 10⁻⁶. C/Ka ju 1,600 lọ, x/C kò sì ju 2.5% lọ. Òfin 400 àti òfin 5% ló jọ sọ pé kò séwu. Ẹ wá ṣírò: √(6.2 × 10⁻¹⁶) jẹ́ 2.5 × 10⁻⁸, pH sì jẹ́ 7.60. A da ásíìdì sínú omi, pH omi náà wá gòkè kọjá 7! Kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ohun tó fa èyí ni pé òfin 5% kò yẹ ju C − x wò. Kò mọ ohunkóhun nípa omi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn. Nínú omi náà, iye H⁺ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye A⁻ àti OH⁻ tí a pa pọ̀. A⁻ jẹ́ Ka·C pín sí H⁺ (níwọ̀n ìgbà tí ìpín tó pínyà bá ṣì kéré), OH⁻ sì jẹ́ Kw pín sí H⁺, níbi tí Kw ti jẹ́ 1.0 × 10⁻¹⁴. Bí a bá to wọn pọ̀:

```
[H⁺] = √(Ka·C + Kw)
```

Fún sáyánáìdì wa, ohun tó wà nínú √ jẹ́ 6.2 × 10⁻¹⁶ + 1.0 × 10⁻¹⁴, ìyẹn 1.06 × 10⁻¹⁴. H⁺ jẹ́ 1.03 × 10⁻⁷, pH sì jẹ́ 6.99. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu: ásíìdì tó lẹ tó bẹ́ẹ̀, tó sì kéré tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe ju kó fọwọ́ ba pH omi díẹ̀ lọ.

Láti mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ka omi mọ́ ọn, ẹ wo pH tí àbùjá fún yín, tàbí ti kúádírátíìkì bí àbùjá bá ti kùnà. Bó bá wà lábẹ́ 6, ẹ lè gbàgbé omi, torí pé ní pH 6 gan-an àṣìṣe H⁺ kò ju bí 1% lọ. Bó bá ti kọjá 6, ẹ fi Kw sí i. Nítorí náà ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà á: ṣé x kò ju 5% C lọ, ṣé pH kò sì kọjá 6? Bí ó bá kùnà nínú ti àkọ́kọ́, kúádírátíìkì. Bí ó bá kùnà nínú èkejì, Kw. Ó ṣọ̀wọ́n kó kùnà nínú méjèèjì pọ̀, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀ bí ásíìdì tí Ka rẹ̀ kò kéré púpọ̀ bá wà nínú omi tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìdọ́gba tó ní x³ nínú ni ìyẹn ń fẹ́, kọ̀ǹpútà ni mo sì máa ń fi irú rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Gbogbo èyí jẹ́ fún ásíìdì tó ń fi H⁺ kan ṣoṣo sílẹ̀, tó sì dá wà nínú omi. Bí iyọ̀ ásíìdì náà bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú bíi sódíọ̀mù láktéètì, A⁻ kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́, kò sì ní dọ́gba pẹ̀lú H⁺, nítorí náà √(Ka × C) kò wúlò níbẹ̀ rárá. Ẹ kọ tábìlì náà lákọ̀tun, kí ẹ fi iye A⁻ tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sí ipò rẹ̀.